Kí Síkíríìpù Tó Dá Dúró Lẹ́nu Iṣẹ́

Ká mú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nílùú Ìbàdàn, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1,200. Ní ìparí oṣù, akọ̀wé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan: iye tó dá lóṣù náà, iye tó kù lọ́rùn rẹ̀ nínú owó tó yá, àti àpapọ̀ owó rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Bó bá ní kóun máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta lè má tó o. Ọmọkùnrin kan tó gbọ́ kọ̀ǹpútà wá bá a kọ síkíríìpù, ìyẹn ìwé àṣẹ kékeré tí kọ̀ǹpútà ń kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó sì ń ṣe ohun tó bá bá níbẹ̀. Síkíríìpù náà á mú ìlà kan nínú fáìlì ẹgbẹ́, á ṣe ìṣirò rẹ̀, á kọ àtẹ̀jíṣẹ́, á fi ránṣẹ́, á sàmì sí i pé ó ti lọ, á sì mú ìlà tó kàn. Bí iṣẹ́ kan bá ń gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, 1,200 á gba wákàtí méjì. Wọ́n fẹ́ kó máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí akọ̀wé á ti wọ gèlè lọ sí òde àríyá.

Kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, wọ́n dán an wò. Ọmọkùnrin náà kó orúkọ ara rẹ̀, ti akọ̀wé àti ti akápò sínú fáìlì kékeré kan, ó ní kí síkíríìpù máa lọ, fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dún kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Inú wọn dùn.

Ohun tí ìdánwò yẹn fi hàn kò ju pé síkíríìpù náà lè ṣe èyí tó rọrùn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, fún àwọn mẹ́ta tí nọ́ńbà wọn tọ́, tí orúkọ wọn pé, tí owó wọn ò sì ní kọ́núnkọ́họ kankan. Kò fi hàn bóyá ó mọ iṣẹ́ tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn. Kò sì fi hàn bóyá ó mọ̀ pé iṣẹ́ kan ti parí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló léwu jù, nítorí síkíríìpù tí kò mọ ìgbà tí iṣẹ́ parí á máa tún un ṣe, àárẹ̀ ò sì ní mú un.

Inú fáìlì gidi ló yẹ kí iṣẹ́ ìdánwò ti wá, kì í ṣe inú orí ẹni tó kọ síkíríìpù. Bí èèyàn bá sì mú ìlà mẹ́wàá tó wà lókè pátápátá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ ló máa bá níbẹ̀, àwọn tí àkọsílẹ̀ wọn ti gún régé tipẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á to fáìlì náà lóríṣiríṣi ọ̀nà. Á tò ó bí nọ́ńbà fóònù ṣe gùn sí, kí èyí tó kúrú jù àti èyí tó gùn jù lè bọ́ síta. Á tò ó bí owó ṣe pọ̀ sí, kí òdo àti iye tó rẹlẹ̀ sí òdo lè yọjú. Á wá ibi tó ṣófo. Kò ní pẹ́ tí ìdọ̀tí fáìlì náà á fi hàn, nínú ìdọ̀tí yẹn ni á sì ti ṣa méjìlá tó fẹ́ fi dán síkíríìpù wò.

Nọ́ńbà fóònù ló sábà máa ń dà rú jù. Nọ́ńbà alágbèéká ní Nàìjíríà jẹ́ 11, òdo ló sì ń ṣáájú rẹ̀. Àmọ́ Excel, tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé ń lò, máa ń ka nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sí iye lásán, òdo tó ṣáájú iye ò sì já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀, ó máa ń yọ ọ́ dànù. Ohun tí èèyàn máa wá rí nínú òpó kan ṣoṣo lè rí báyìí:

```
0803xxxxxxx
803xxxxxxx
2.34803E+12
0803xxxxxxx/0705xxxxxxx
+447xxxxxxxxx
```

Ìlà kìíní dára. Òdo ti bọ́ lára ìkejì, síkíríìpù sì lè dá a padà. Ìkẹta ni nọ́ńbà tí wọ́n fi 234 bẹ̀rẹ̀: ó gùn ju bí Excel ṣe fẹ́ lọ, ó bá gé e kúrú lójú ìwé, ìgbà tí wọ́n sì tọ́jú fáìlì náà sí irú èyí tó ń parí pẹ̀lú `.csv`, gígékúrú yẹn ni wọ́n tọ́jú. Ìyókù nọ́ńbà náà ti lọ nìyẹn, kò sí síkíríìpù tó lè mú un padà, àfi kí wọ́n lọ wo ìwé tí ọmọ ẹgbẹ́ náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ìkẹrin jẹ́ nọ́ńbà méjì tí wọ́n há sójú kan. Ìkarùn-ún jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́ tó ti kó lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù tó ṣì ń dá owó. Síkíríìpù tí wọ́n kọ́ pé kó máa fi 234 síwájú gbogbo nọ́ńbà á fi 234 síwájú tirẹ̀ náà, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì wọ inú afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣa méjìlá náà, iṣẹ́ ìwé ló kàn, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé á mú bírò, á kọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí ìlà kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà tó yẹ kó lọ bá, iye tó yẹ kó wà nínú rẹ̀, tàbí kó kọ ọ́ pé, “Èyí ò gbọdọ̀ lọ, kó yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún mi.” Ó ṣe pàtàkì kó kọ èyí ṣáájú. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan ní 185,000 náírà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀, tó sì dá 15,000 lóṣù yìí. 200,000 ló yẹ kí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ sọ. Bí síkíríìpù bá ṣèèṣì mú iye oṣù tó kọjá, 185,000 ló máa kọ síbẹ̀, ẹni tí kò bá sì ti ṣírò tirẹ̀ sílẹ̀ á wò ó, á rí i pé ó jọ owó ọmọ ẹgbẹ́ náà, á sì ní ó dáa. Ojú máa ń tètè gbà pẹ̀lú ohun tó wà lórí gíláàsì kọ̀ǹpútà. Bírò ni kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó san gbèsè kọjá ibi tó yẹ. Tó bá jẹ 10,000 tó sì san 12,500, ìṣirò á fi hàn pé gbèsè rẹ̀ ku 2,500 tó rẹlẹ̀ sí òdo. Síkíríìpù tí a kò kọ́ ní nǹkan kan nípa èyí á kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú. Ẹni tó gbà á á rò pé wọ́n tún fi gbèsè lé òun lórí. Irú ìlà yìí, èèyàn ló yẹ kó bójú tó o, ohun tí wọ́n sì fẹ́ kí ìdánwò fi hàn ni pé síkíríìpù á yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Ìdánwò àkọ́kọ́ á wáyé láìfi nǹkan kan ránṣẹ́. Ẹni tó kọ síkíríìpù gbọ́dọ̀ ti fi ọ̀nà kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí á fi lè ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, kó wá kọ ohun tí ì bá ṣe sójú ìwé dípò kó ṣe é. Àṣẹ rẹ̀ lè rí báyìí:

```
python3 iranse.py --idanwo --iye 12
```

Akọ̀wé á gbé ohun tó jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tó fi bírò kọ, á máa wò ó ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí méjì nínú méjìlá ò bá bára mu, wọ́n á tún síkíríìpù ṣe, wọ́n á sì tún gbogbo méjìlá náà dán wò láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe méjì náà nìkan. Àtúnṣe sí ìlà kan máa ń ba òmíràn jẹ́: ẹni tó kọ́ síkíríìpù láti dá òdo tó sọnù padà lè rí i pé ó ti ń fi òdo síwájú nọ́ńbà Lọ́ńdọ́ọ̀nù pẹ̀lú.

Síbẹ̀, ìdánwò tí kò ránṣẹ́ kò lè rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà. Àmì náírà ni àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo lè fi hàn níbí. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ní àkójọ lẹ́tà tirẹ̀, èyí tí wọ́n ti ṣe láti ọdún pípẹ́ sẹ́yìn fún èdè àwọn ará Yúróòpù. Bí gbogbo lẹ́tà inú àtẹ̀jíṣẹ́ bá wà nínú àkójọ náà, ojú ìwé kan gba lẹ́tà 160. Bí ẹyọ kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ bá wọlé, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà yí padà sí irú kejì, tí ojú ìwé rẹ̀ ò gbà ju 70 lọ, tàbí 67 bí wọ́n bá ní láti so ojú ìwé pọ̀. Àmì ₦ kò sí nínú àkójọ yẹn. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Á náà kò sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé à wà. Kódà ọ́ tí a fi ohùn òkè sí lórí gba àyè méjì, nítorí ọ jẹ́ ọ̀kan, àmì ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ìkejì.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó jẹ́ lẹ́tà 150 ń gba ojú ìwé kan. Bí wọ́n bá fi ₦ ẹyọ kan sínú rẹ̀, ó di ojú ìwé mẹ́ta. Ká ní náírà mẹ́rin ni wọ́n ń gbà lórí ojú ìwé kan, 1,200 àtẹ̀jíṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́ 4,800 náírà á di 14,400. Owó tó wà nílẹ̀ á tán nígbà tí iṣẹ́ kò tíì dé ìdajì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó kù kò sì ní gbọ́ nǹkan kan.

Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n fi dán an wò níbẹ̀rẹ̀ kò lè fi èyí hàn, nítorí fóònù máa ń so ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ẹyọ kan kó tó gbé e jáde. Ẹni tó gbà á ò ní mọ̀ pé mẹ́ta ni. Ibi kan ṣoṣo tó ti hàn ni iye owó tó kù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ìdí nìyí tí ìdánwò kejì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń ránṣẹ́ lóòótọ́, sí fóònù àwọn tó ń ṣe ìdánwò nìkan, pẹ̀lú iye owó tó wà nílẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ méjìlá bá jẹ owó mẹ́rìndínlógójì, wọ́n ti rí i nìyẹn. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: N lásán dípò ₦ tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ Yorùbá ni, ẹ má torí owó bọ́ àmì kúrò lára orúkọ ọmọlọ́mọ. Ẹ gé ọ̀rọ̀ kúrú, kó dín sí 70, kí orúkọ wọn sì wà bí òbí wọn ṣe sọ ọ́.

Ìdánwò kẹta ni èyí tí àwọn èèyàn máa ń fò, òun sì ni ìdánwò tó dáhùn ìbéèrè pàtàkì yẹn: ṣé síkíríìpù mọ ohun tó ti parí? Wọ́n á ní kó máa fi méjìlá náà ránṣẹ́ sí fóònù kan ṣoṣo. Nígbà tó bá dé ìkeje, wọ́n á pa á lójijì, bí ìgbà tí iná bá lọ. Kí wọ́n fa wáyà rẹ̀ tàbí kí wọ́n pa íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí èyí tí kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́. Wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dúró kó parí, wọ́n á sì ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó wà lórí fóònù.

Bó bá jẹ́ mẹ́tàlá, ó ránṣẹ́ tán kó tó sàmì sí i, iná sì lọ láàárín méjèèjì, ó wá tún un ṣe. Bó bá jẹ́ mọ́kànlá, ó sàmì pé ó ti lọ kó tó ránṣẹ́, ẹnì kan kò sì gbà. Bó ti wù kí wọ́n to méjèèjì, àlàfo kan wà láàárín wọn tí jàǹbá lè bọ́ sí. Ọ̀nà àbáyọ ni kí àmì jẹ́ méjì:

```python
samisi(ila, "O_N_LO")
firanse(ila)
samisi(ila, "O_TI_LO")
```

Bí síkíríìpù bá jí padà tó rí ìlà tí àmì rẹ̀ jẹ́ `O_N_LO`, ó mọ̀ pé òun kò mọ̀. Kò ní tún un rán, kò sì ní sọ pé ó ti lọ. Á kọ ọ́ sọ́tọ̀ fún èèyàn, á sì kọjá sí èyí tó kàn. Fún àtẹ̀jíṣẹ́, àtúnrán jẹ́ ìyọlẹ́nu lásán. Bó bá jẹ́ owó ni síkíríìpù ń san sí báńkì àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àtúnsan jẹ́ owó ẹgbẹ́ tó lọ láìpadà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìsanwó ló ń gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì máa ń kọ̀ bí nọ́ńbà kan náà bá tún padà wá. Ẹni tó bá ń san owó pẹ̀lú síkíríìpù tí kò lo nọ́ńbà yẹn kò tíì ṣe tán láti fi í sílẹ̀.

Wọ́n ti rí èyí ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú owó ńlá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2012, Knight Capital, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn oníbàárà ra ìpín ìdókòwò tó sì ń bá wọn tà á, gbé ètò tuntun wọ iṣẹ́. Sáfà mẹ́jọ ló yẹ kí ètò náà wà lórí rẹ̀, méje ni wọ́n fi sí. Lórí ẹ̀kẹjọ, ètò àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Power Peg ṣì wà, èyí tí wọn ò lò mọ́ láti ọdún 2003, àmì tí wọ́n fi ń pe ètò tuntun sì ni àmì tó máa ń jí òun náà. Ó jí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ra, kó sì máa tà, títí iye tí oníbàárà béèrè á fi pé. Àmọ́ ní 2005, wọ́n ti gbé apá tó ń ka iye tó ti pé kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, wọn ò sì padà dán Power Peg wò lẹ́yìn ìyẹn. Nítorí náà, kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti pé. Láti inú iṣẹ́ 212 tí àwọn oníbàárà gbé wá, ó ra, ó tà, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ìgbà láàárín ìṣẹ́jú 45. Àdánù tó bá ilé iṣẹ́ náà lé ní mílíọ̀nù 440 dọ́là.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn yẹn tó yẹ kó dun èèyàn. Kí ọjà tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ wọn ti fi ìméèlì 97 ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́, tí orúkọ Power Peg wà nínú rẹ̀. Wọn ò ṣètò àwọn ìméèlì náà bí ìkìlọ̀ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde fún, kò sì sí ẹni tó dìde.

Padà sí Ìbàdàn. Ohun tó kù ni kí wọ́n dán síkíríìpù wò níbi tí á ti ṣiṣẹ́ gan-an, lọ́nà tí á gbà ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú ọmọkùnrin yẹn ni ó ti ń dán an wò látẹ̀yìnwá, àmọ́ orí sáfà kan lókè òkun ni á ti máa ṣiṣẹ́, cron, aago inú sáfà, ni á sì máa jí i:

```
0 8 * * 6 cd /home/egbe && /usr/bin/python3 iranse.py >> iranse.log 2>&1
```

8 yẹn ni aago mẹ́jọ, 6 sì ni Sátidé. Ọ̀pọ̀ sáfà ló ń lo aago UTC, aago Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, nítorí náà aago mẹ́sàn-án ni á bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, àfi kí wọ́n kọ 7 síbẹ̀. Cron kò sì mọ gbogbo ọ̀nà tí ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mọ̀. Bí wọn ò bá sọ ibi tí fáìlì wà àti ibi tí Python wà fún un ní kíkún, á jí ní àkókò, kò sì ní rí nǹkan kan. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: kí wọ́n fi iṣẹ́ méjìlá náà síbẹ̀, kí wọ́n dá aago sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn dé, kí wọ́n lọ jẹun. Bí fóònù bá dún nígbà tí wọ́n ń jẹun, ó dáa.

Iṣẹ́ méjìlá kò lè fi ohun tí 1,200 máa fà hàn. Owó lè tán lójú ọ̀nà, ilé iṣẹ́ tó ń ránṣẹ́ lè kọ̀ nítorí pé ó ti yára jù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè daṣẹ́ sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ohun tí wọ́n lè ṣe sí èyí ni kí wọ́n kọ́ síkíríìpù pé bí márùn-ún bá kùnà tẹ̀ léra wọn, kó dúró, kó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan sí akọ̀wé. Kí wọ́n dán ìyẹn náà wò, pẹ̀lú ìlà márùn-ún tí nọ́ńbà wọn bàjẹ́, nítorí ìdádúró tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí tó ṣiṣẹ́ kò ṣeé gbára lé. Lọ́jọ́ iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́, wọ́n á ní kó ṣe 50, kó sì dúró, kí ẹnì kan wò ó kó tó máa lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, tí akọ̀wé wà ní òde àríyá, fóònù rẹ̀ á dún díẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ni, láti ọ̀dọ̀ síkíríìpù: 1,163 ti lọ, 31 ló yọ sọ́tọ̀, 6 ni kò mọ̀ bóyá wọ́n lọ. Akọ̀wé á ro iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lórí fóònù, á rí i pé 1,200 ni. Á fi fóònù sínú báàgì. Lọ́jọ́ Ajé, á pe àwọn mẹ́fà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì béèrè bóyá wọ́n rí i gbà.